Bí A Ṣe Ń Ṣírò Iye Tí A Ó Máa Fi Pamọ́ Lóṣooṣù fún Owó Ilé-Ìwé Ọdún Méjì Sí I

Òbí tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì karùn-ún ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ní ọdún méjì gbáko níwájú kí ọmọ náà tó wọ ilé-ìwé girama. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé a ó béèrè iye tí ilé-ìwé tó wù wá ń gbà, a ó pín in sí ọ̀nà mẹ́rìnlélógún, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ. Ìpín yẹn kì í bọ́ sí i, nítorí pé owó ti òní ni a pín, bẹ́ẹ̀ owó ti ọdún méjì sí i ni ilé-ìwé yóò gbà lọ́wọ́ wa. Ìtọ́sọ́nà yìí ṣe àlàyé bí a ṣe ń ṣe ìṣirò náà kí ó lè bọ́ sí i, tàbí kí ó kéré tán sún mọ́ ọn débi pé àfikún tí a ó wá kò ní ju agbára wa lọ.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìdílé kan wà ní Ìbàdàn tí ó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ sí ilé-ìwé girama aládàáni kan tí àwọn ọmọ ń gbé inú ọgbà rẹ̀. Wọ́n ní ₦200,000 nílẹ̀ tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún ọmọ náà, wọ́n sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún yìí. Iye tí mo lò jẹ́ ti àpẹẹrẹ. Iye tiyín ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é kò yí padà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ gba bíìlì akẹ́kọ̀ọ́ tuntun

Ẹ má ṣe gba ti akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bíìlì méjèèjì yàtọ̀ síra gan-an, nítorí pé ọmọ tó ń wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń san owó ìwọlé, owó ìdàgbàsókè ilé-ìwé, yunifọ́ọ̀mù, aṣọ eré ìdárayá àti ìwé, bí ó bá sì jẹ́ pé inú ọgbà ni yóò máa gbé, fóòmù tí a ń sùn lé, bọ́kẹ́ẹ̀tì, àpótí àti àwọn nǹkan mìíràn tó wà nínú ìwé tí wọ́n máa ń fún òbí tún wà níbẹ̀. Ẹ béèrè fún ìwé yìí ní ọ́fíìsì akápò ilé-ìwé náà, kí ẹ sì lọ béèrè iye àwọn nǹkan inú rẹ̀ lọ́jà, torí pé bíìlì kì í ka ohun tí òbí fúnra rẹ̀ yóò rà.

Nínú àpẹẹrẹ wa, owó ẹ̀kọ́ jẹ́ ₦200,000 ní táàmù kan, owó ilé gbígbé àti oúnjẹ jẹ́ ₦150,000. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦350,000 ní táàmù kan, èyí tí ó di ₦1,050,000 fún táàmù mẹ́ta. Àwọn ohun tí a ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà ìwọlé jẹ́ ₦150,000. Nítorí náà, bí ọmọ náà bá wọlé lónìí, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ yóò gba ₦1,200,000.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ sọ owó òní di owó ọjọ́ tí ẹ ó san án

Ìgbésẹ̀ yìí ló wúwo jù lọ nínú gbogbo ìṣirò náà. Kí a tó mọ iye tí owó náà yóò dà, ohun méjì ni a ní láti mọ̀: ẹ̀ẹ̀melòó ni ilé-ìwé yóò fi kún owó rẹ̀ kí ó tó kan ọmọ wa, àti ìdá mélòó ni wọn yóò máa fi kún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ti àkọ́kọ́, oṣù Kẹsàn-án ni kí ẹ kà, ẹ má ṣe ka ọdún, nítorí pé ìgbà tí sáà ẹ̀kọ́ tuntun bá bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ń gbé bíìlì tuntun jáde. Ìdílé inú àpẹẹrẹ wa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bíìlì ọdún yìí ti jáde, nítorí náà àfikún méjì ló wà níwájú wọn, ti oṣù Kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀ àti ti oṣù Kẹsàn-án tí ọmọ náà yóò wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún tí ó sì ń wo oṣù Kẹsàn-án ọdún kejì sí i, àfikún mẹ́ta ni yóò bá pàdé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lé díẹ̀ lọ́dún méjì ni àkókò rẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ìṣirò tó dára ti máa ń bàjẹ́.

Ní ti ìkejì, ẹ má ṣe fi ojú wo ọjà lásán kí ẹ sì méfò. Ẹ wá òbí kan tí ọmọ rẹ̀ ti wà ní ilé-ìwé náà, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó fi bíìlì tàbí rìsíìtì ọdún méjì sẹ́yìn hàn yín. Ká ní ₦245,000 ni owó ẹ̀kọ́ àti ilé gbígbé fún táàmù kan nígbà náà, tí ó sì jẹ́ ₦350,000 lónìí. Ẹ fi ti òní pín sí ti ìgbà náà:

```
350000 ÷ 245000 = 1.4286
√1.4286 = 1.195
```

Àmì √ yẹn wà lórí ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù. Ìdí tí a fi tẹ̀ ẹ́ ni pé àfikún ẹ̀ẹ̀mejì ló wà láàárín bíìlì méjèèjì, a sì fẹ́ mọ ti ẹ̀ẹ̀kan. Ohun tí 1.195 ń sọ fún wa ni pé ilé-ìwé náà ń fi nǹkan bí ìdá 19.5 nínú 100 kún owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ sún un sókè sí ìdá 20. Mo fara mọ́ ìtàn ilé-ìwé gan-an ju iye ọ̀wọ́n gógó tí ìjọba ń kéde lọ, nítorí pé iye ti ìjọba jẹ́ ti gbogbo ọjà pátá, láti orí gàrí dé orí owó ọkọ̀, kò sì sí ohun tó fi dandan lé e pé kí akápò ilé-ìwé tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìdá 34.80 nínú 100 ni àjọ tó ń rí sí ìṣirò ní Nàìjíríà kéde. Nígbà tí wọ́n tún ọ̀nà ìṣirò náà ṣe ní oṣù kan péré lẹ́yìn rẹ̀, ó di ìdá 24.48. Ẹni tó gbé ètò owó ilé-ìwé rẹ̀ lé irú iye bẹ́ẹ̀ kò ní mọ èyí tí yóò mú.

Wàyí o, ẹ sọ owó òní di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì:

```
1200000 × 1.20 × 1.20 = 1728000
```

Ẹ kíyè sí i pé a kò fi ìdá 40 kún un lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ₦1,680,000 ni yóò jẹ́, a ó sì fi ₦48,000 ṣìnà, nítorí pé àfikún ọdún kejì máa ń wá sórí owó tí wọ́n ti fi kún tẹ́lẹ̀. Iye tí a ó máa lé láti ìsinsìnyí lọ ni ₦1,728,000.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ ó fi owó sílẹ̀

Ọdún méjì kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìfipamọ́ mẹ́rìnlélógún. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ó kọ́kọ́ fi owó sílẹ̀ àti ọjọ́ ìkẹyìn tí ẹ lè fi í sílẹ̀ kí ilé-ìwé tó wọlé, kí ẹ sì fi ìka kà á. Ìdílé tiwa ń gba owó oṣù ní ìparí oṣù. Wọn yóò fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún yìí, ti ìkẹyìn yóò sì bọ́ sí ìparí oṣù Kẹjọ ọdún tí ọmọ náà yóò wọlé. Mẹ́rin ni yóò wà ní ọdún yìí, méjìlá ní ọdún tó ń bọ̀, mẹ́jọ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ sì pé mẹ́rìnlélógún. Òbí tó bá mọ̀ pé oṣù Kejìlá kì í ṣẹ́ kù fún òun ní kọ́bọ̀ gbọdọ̀ yọ oṣù Kejìlá méjèèjì kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó ka méjìlélógún. Ó sàn kí iye oṣooṣù ga díẹ̀ ju kí a máa pa oṣù jẹ lọ́nà tí ìṣirò kò mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mọ èlé tí yóò wọ ọwọ́ yín gan-an

Iye èlé tí báńkì máa ń kọ sára ìwé jẹ́ ti ọdún kan, ó sì máa ń jẹ́ kí wọ́n tó yọ owó-orí. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún èlé náà ni wọ́n máa ń yọ fún ìjọba lórí owó tí a fi síbẹ̀ fún àkókò pàtó. Nítorí náà, bí báńkì bá sọ pé ìdá 14, ìdá 12.6 ló kù fún yín. Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ sí i, sí ìdá 12, nítorí pé báńkì lè dín iye náà kù nígbàkígbà tí ẹ bá tún owó náà fi sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá yín ṣe àdéhùn pé bí ó ṣe wà lónìí ni yóò ṣe wà títí ọdún méjì. Ìdá 12 lọ́dún jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, èyí tí a ń kọ báyìí: 0.01.

Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí owó yín wà kì í mú èlé wá rárá, ẹ fo apá èlé yìí. Ìṣirò tiyín wà nísàlẹ̀ níbi tí a ti sọ nípa alájọ àti èsúsú, ó sì rọrùn ju èyí lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìṣirò fúnra rẹ̀

A kọ́kọ́ ń wá iye tí náírà kan yóò dà lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlélógún bí ó bá ń lé ìdá kan lóṣooṣù, tí èlé sì ń bí èlé. A lè fi 1.01 lu ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélógún, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tó kúrú lórí fóònù: ẹ wá ti oṣù mẹ́ta, kí ẹ wá máa fi iye kọ̀ọ̀kan lu ara rẹ̀.

```
oṣù 3:   1.01 × 1.01 × 1.01  = 1.030301
oṣù 6:   1.030301 × 1.030301 = 1.061520
oṣù 12:  1.061520 × 1.061520 = 1.126825
oṣù 24:  1.126825 × 1.126825 = 1.269735
```

Èyí túmọ̀ sí pé ₦200,000 tó wà nílẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án, yóò di 200,000 × 1.269735, tí í ṣe ₦253,947. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tí a ń lé:

```
1728000 − 253947 = 1474053
```

₦1,474,053 yìí ni ìfipamọ́ oṣooṣù yóò pèsè. Bí owó kò bá ń lé ni, mẹ́rìnlélógún ni à bá fi pín in. Ṣùgbọ́n owó oṣù àkọ́kọ́ yóò ti jẹ èlé fún oṣù mẹ́tàlélógún, ti oṣù kejì fún oṣù méjìlélógún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, títí dé ti ìkẹyìn tí kò ní jẹ èlé kankan rárá. Tí a bá ro gbogbo èyí pọ̀, fífi náírà kan sílẹ̀ lóṣooṣù kì í di náírà mẹ́rìnlélógún, ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye tó ń dà ni a ń rí báyìí: ẹ yọ 1 kúrò nínú 1.269735, kí ẹ sì fi 0.01 pín èyí tó kù.

```
(1.269735 − 1) ÷ 0.01 = 26.9735
1474053 ÷ 26.9735 = 54648
```

₦54,648 ni iye tó yẹ. Ẹ sún un sókè sí ₦55,000, kí ẹ má ṣe sún un wálẹ̀ láé. Ẹ wo o, ẹni tó yọ ₦200,000 kúrò nínú ₦1,200,000 ti òní, tí ó sì fi mẹ́rìnlélógún pín in, ₦41,667 ni yóò máa fi pamọ́. Bí òun náà bá tilẹ̀ ń gba èlé yìí kan náà, ₦1,377,850 ni yóò bá lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí bíìlì bá dé, yóò sì wá nǹkan bí ₦350,000 kún un lójijì ní oṣù Kẹsàn-án.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé kò sí àṣìṣe

Ẹ fi pẹ́ńsù kọ oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, ₦200,000 mú ₦2,000 wá, a fi ₦55,000 kún un, ó di ₦257,000. Ní ìparí oṣù Kẹwàá, èlé ₦2,570 àti ₦55,000 sọ ọ́ di ₦314,570. Ní ìparí oṣù Kọkànlá, ó di ₦372,716. Bí ẹ bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ dé oṣù kẹrìnlélógún, ₦1,737,488 ni ẹ ó rí, èyí tó lé ní ₦9,000 díẹ̀ ju iye tí a ń lé lọ nítorí pé a sún ìfipamọ́ sókè. Ẹ tọ́jú ìwé yìí dáadáa. Lóṣooṣù tí báńkì bá fi àkáǹtì yín ránṣẹ́, ẹ fi wé e. Bí iye báńkì bá ń kéré sí tiyín léraléra, ó lè jẹ́ pé èlé ti wálẹ̀ tàbí pé wọ́n ń yọ owó kan tí ẹ kò kà sí.

Ẹni tó bá ní Excel lè tẹ ìlà kan ṣoṣo yìí:

```
=PMT(0.01,24,-200000,1728000)
```

Ìdáhùn rẹ̀ yóò jẹ́ −54,648. Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú rẹ̀ kàn ń sọ pé owó tó ń jáde lọ́wọ́ yín ni. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni àmì tó wà níwájú 200000: bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ẹ̀rọ yóò ka ₦200,000 yẹn sí gbèsè, yóò sì fún yín ní nǹkan bí −73,478. Bí ìdáhùn bá ga ju iye tí ẹ bá rí nígbà tí ẹ kàn fi 24 pín ohun tó kù láìsí èlé, ẹ mọ̀ pé àmì ti yí padà.

Èwo nínú ìméfò wa ló lè dà wá láàmú jù?

Ọ̀pọ̀ òbí máa ń lo àkókò púpọ̀ láti wá báńkì tí èlé rẹ̀ ga jù. Nínú ọdún méjì, èlé kì í fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà. Bí èlé inú àpẹẹrẹ wa bá wálẹ̀ sí ìdajì, láti ìdá 12 sí ìdá 6 lọ́dún, ìfipamọ́ oṣooṣù yóò kúrò ní ₦54,648, yóò di ₦59,082. Kò pé ₦4,500 tó fi lé. Ṣùgbọ́n bí ilé-ìwé bá ń fi ìdá 30 kún owó rẹ̀ lọ́dún dípò ìdá 20, iye tí a ń lé yóò di ₦2,028,000, ìfipamọ́ oṣooṣù yóò sì fò sókè sí ₦65,770. Ó lé ní ₦11,000 lóṣooṣù. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìrìn kan lọ sọ́dọ̀ òbí tó ní bíìlì àtijọ́ lọ́wọ́ ṣe pàtàkì ju ìrìn mẹ́ta lọ sí báńkì lọ.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí a sọ nípa táàmù. A ti ṣírò bí ẹni pé gbogbo owó ọdún náà ni a ó san ní oṣù Kẹsàn-án, bẹ́ẹ̀ ti táàmù kejì di oṣù Kínní, ti ìkẹta sì di nǹkan bí oṣù Kẹrin tàbí oṣù Karùn-ún. Owó táàmù méjèèjì yìí yóò ṣì máa jẹ èlé níbi tó wà, nítorí náà à bá lè dín nǹkan bí ₦2,000 kù nínú ìfipamọ́ oṣooṣù. Èmi kò ní dín in kù. Ìwọ̀nba tí a rí níbẹ̀ ni yóò gbé wa bí wọ́n bá ní kí ọmọ ra ìwé mìíràn, tàbí bí owó ọkọ̀ tí a ó fi gbé ọmọ lọ bá ga ju bí a ṣe rò ó.

Fún ẹni tó ń lo alájọ, èsúsú tàbí kọpuréétìfù

Oníṣòwò tí owó ń wọlé fún lójoojúmọ́ lè rí i pé alájọ bá a mu ju báńkì lọ. Kò sí èlé níbẹ̀, alájọ sì máa ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí èrè tirẹ̀. Ọjọ́ 730 ló wà nínú ọdún méjì. Ẹ yọ 24 ti alájọ kúrò, ó ku 706. Owó tí a ń wá ni ₦1,728,000. Ẹ yọ ₦200,000 tó wà nílẹ̀, ó ku ₦1,528,000.

```
1528000 ÷ 706 = 2164
```

Ẹ sún un sókè sí ₦2,200 lójúmọ́. Ẹni tí kì í ṣòwò lọ́jọ́ Ìsinmi kò gbọdọ̀ fi 706 pín in. Ọjọ́ Ìsinmi tó wà nínú ọdún méjì jẹ́ 104, tí a bá sì yọ ìyẹn náà kúrò, 602 ni yóò kù, owó ojúmọ́ á sì di ₦2,538. Bákan náà, kì í ṣe ọwọ́ alájọ ni kí owó ọdún méjì wà. Ẹ máa gbà á lóṣooṣù, kí ẹ sì máa gbé e lọ sí ibi tó ní ààbò.

Ní ti èsúsú, ìṣirò rẹ̀ kò ju pípín lọ: ₦1,528,000 pín sí oṣù 24 jẹ́ ₦63,667. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ó kan yín láti kó ni ẹ gbọ́dọ̀ wò. Ẹni tó kó ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò sì ní ibi tí yóò tọ́jú owó náà sí máa ń rí i pé ó ti bá ọ̀nà mìíràn lọ kí oṣù Kẹsàn-án tó dé, ẹni tó sì yẹ kí ó kó ní oṣù tó tẹ̀ lé ìwọlé ọmọ ti pẹ́ jù. Nínú kọpuréétìfù, ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo kí ẹ tó ka owó ibẹ̀ mọ́ ti ilé-ìwé: ṣé a lè yọ owó ìfipamọ́ láìfi ẹgbẹ́ sílẹ̀, oṣù mélòó sì ni a gbọ́dọ̀ fi kọ̀wé ṣáájú?

Níbi tí owó náà yóò wà

Ìṣirò wa dúró lórí pé owó náà yóò wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá ń wá a. Àjọ NDIC ni ó ń san owó fún àwọn oníbàárà bí báńkì bá wó. Láti ọdún 2024, ₦5,000,000 ni òpin ohun tó ń dáàbò bò fún ẹnì kan nínú báńkì ńlá kan, ₦2,000,000 sì ni ti báńkì kéékèèké tí a mọ̀ sí màìkìrófáínáǹsì. Iye tí à ń lé, ₦1,728,000, wọ inú ààbò méjèèjì, ṣùgbọ́n bí òbí bá ní owó mìíràn nínú báńkì kéékèèké kan náà, àpapọ̀ wọn ni wọn yóò wò. Bí ó bá jẹ́ pé ohun èlò orí fóònù ni ẹ fi ń fi owó pamọ́, ẹ rí i dájú pé ilé iṣẹ́ tó ni ín jẹ́ báńkì tó ní ìwé àṣẹ, kì í ṣe pé ó kàn ń jẹ́ báńkì lórúkọ lásán.

Fún ₦200,000 tó wà nílẹ̀, àwọn kan máa ń ra bọ́ǹdì ìfipamọ́ ọlọ́dún méjì tí ìjọba àpapọ̀ ń tà fún aráàlú, tí ẹni tó ní ₦5,000 lè bẹ̀rẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ohun méjì wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Èkíní, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n máa ń san èlé rẹ̀ sí àkáǹtì yín, nítorí náà èlé kò ní bí èlé àyàfi bí ẹ bá tún un fi pamọ́ fúnra yín. Èkejì, ẹ wo ọjọ́ tí yóò dópin. Bọ́ǹdì tí ẹ rà ní àárín oṣù Kẹsàn-án yóò dópin ní àárín oṣù Kẹsàn-án, bẹ́ẹ̀ ilé-ìwé lè ti wọlé nígbà náà. Ti oṣù Kẹjọ tàbí ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ rà. Ìkìlọ̀ yìí kan owó tí a fi sílẹ̀ fún àkókò pàtó ní báńkì pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tó bá já a kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé máa ń pàdánù èlé, lápá kan tàbí gbogbo rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ tún un ṣírò nígbà tí bíìlì ọdún tó ń bọ̀ bá jáde

Ìṣirò tí a ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ti di ti àtijọ́ nígbà tí ilé-ìwé bá gbé bíìlì tuntun jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀. Ẹ lọ gbà á. Ká ní owó táàmù kan ti kúrò ní ₦350,000, tó di ₦448,000, èyí tí í ṣe ìdá 28 nínú 100 dípò ìdá 20 tí a fọkàn sí, tí àwọn ohun ìwọlé sì di ₦180,000. Owó ọdún kan ti di ₦1,524,000. Àfikún kan ló kù níwájú. Bí a bá ṣì mú un ní ìdá 20, iye tuntun tí a ń lé ni ₦1,828,800.

Lẹ́yìn ìfipamọ́ méjìlá, owó tó yẹ kí ó wà nílẹ̀ jẹ́ ₦922,903. Ẹ fi 1.126825 ti oṣù méjìlá lù ú, ó di ₦1,039,950. Ẹ wá ṣe bí a ti ṣe tẹ́lẹ̀:

```
1828800 − 1039950 = 788850
(1.126825 − 1) ÷ 0.01 = 12.6825
788850 ÷ 12.6825 = 62200
```

Láti oṣù Kẹsàn-án náà lọ, ₦55,000 kò tó mọ́, ₦62,200 ni. Bí òbí kò bá tún un ṣírò, nǹkan bí ₦91,000 ni owó rẹ̀ yóò fi dín ní ọjọ́ ìkẹyìn. Bí ó bá tún un ṣírò, ₦7,200 ni yóò máa fi kún un lóṣù fún oṣù méjìlá. Bí ìyẹn bá ju agbára rẹ̀ lọ, kò ní láti fi ilé-ìwé náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó lè fi ₦55,000 rẹ̀ lọ bí ó ti wà, kí ó sì máa bá ìfipamọ́ lọ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wọlé, láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Kejìlá. Ìfipamọ́ mẹ́rin yẹn jẹ́ ₦220,000, owó táàmù kẹta ni yóò sì bọ́ sí. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé owó táàmù àkọ́kọ́ àti ohun ìwọlé pé, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kì í jẹ́ kí ọmọ wọ ọgbà tí ìyẹn kò bá tíì wọlé. Nínú àpẹẹrẹ tuntun yìí, ìyẹn jẹ́ ₦628,000 ti òní, tí yóò di ₦753,600 lọ́jọ́ ìwọlé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹjọ ọdún ìwọlé, ẹ béèrè lọ́wọ́ akápò ilé-ìwé nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n ń lò ní sáà tuntun, kí ẹ sì kó owó táàmù àkọ́kọ́ kúrò níbi tí kò ṣeé yọ lójú ẹsẹ̀ sí àkáǹtì tí ẹ lè fi san án lọ́jọ́ kan náà. Owó táàmù méjì tó kù ni kí ẹ fi sílẹ̀ níbi tó ti ń jẹ èlé, kí ẹ sì mú ọjọ́ tí yóò dópin ṣáájú oṣù Kínní àti oṣù Kẹrin.